Aago Mẹ́sàn-án Ibo?

Ká sọ pé Àbẹ̀kẹ́ ń gbé ní Ìbàdàn, ó sì ti kọ̀wé wá iṣẹ́ kan tí yóò máa jókòó nílé ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan ní San Fransísíkò, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ọdún 2026, èsì wọlé sínú ímeèlì rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ náà kí i dáadáa, ó ní ìwé rẹ̀ wu àwọn, ó sì bi í bóyá Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án yẹn, lẹ́tà méjì péré ló fi kún un: PT.

Àbẹ̀kẹ́ wo aago San Fransísíkò lórí fóònù rẹ̀, ó rí i pé wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Ó ṣírò rẹ̀: mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn, márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa. Ìṣirò rẹ̀ pé fún ọjọ́ tó ṣe é. Àmọ́ bó bá gbé aago márùn-ún yẹn dání dé ọjọ́ 5, wákàtí kan gbáko ni yóò fi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó yọjú, nítorí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un, fóònù rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Ibi tí wákàtí kan yẹn gbà wọlé ni mo fẹ́ tọ́ka sí, nítorí ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú.

Kí á kọ́kọ́ sọ ẹni tí agbanisíṣẹ́ yìí jẹ́. Ilé-iṣẹ́ fi wíwá òṣìṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ni. Òun ló ń kọ̀wé, òun ló ń fi àkókò sí, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe òun ni yóò jókòó bi èèyàn ní ìbéèrè. Ó lè wà ní Niúyọ́ọ̀kì kí ọ̀gá tó fẹ́ bá Àbẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀ wà ní San Fransísíkò, kí aago àwọn méjèèjì sì fi wákàtí mẹ́ta yàtọ̀ síra. Nítorí náà, bí ìwé kan bá sọ aago tí kò sọ ìlú, ohun tí èèyàn kọ́kọ́ máa bèèrè ni pé aago ìlú wo ni.

Bí ayé ṣe pín aago

Nígbà kan rí, oòrùn ìlú kọ̀ọ̀kan ni ìlú náà fi ń mọ aago. Bí oòrùn bá dé àtàrí, ọ̀sán ti pọ́n nìyẹn, kò sì kan ẹnikẹ́ni bí ọ̀sán ìlú kejì bá ṣíwájú tiwọn pẹ̀lú ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọkọ̀ ojú irin ló sọ ọ́ di wàhálà, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe máa kọ àkókò tí ọkọ̀ yóò gbéra tí yóò sì gúnlẹ̀ nígbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan bá ní aago tirẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1883, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Amẹ́ríkà fẹnu kò, wọ́n pín ilẹ̀ náà sí agbègbè aago. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè pé jọ sí Wọ́ṣíńtìnì, wọ́n fi Grínwíìṣì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibi tí gbogbo ayé yóò ti máa ka aago.

Láti ọdún 1919 ni Nàìjíríà ti ń fi wákàtí kan ṣíwájú aago Grínwíìṣì. Ohun tí a ń rí lójú ẹ̀rọ lónìí bíi UTC+1 nìyẹn, torí UTC ló rọ́pò Grínwíìṣì gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ ìṣirò. Kútọnu bá wa dọ́gba. Lomé kò bá wa dọ́gba: UTC+0 ni tiwọn, nítorí náà kí ẹni tó ń gbé ní Tógò má ṣe da ìṣirò ará Èkó kọ.

Àṣìṣe kan wà níbí tí mo máa ń rí lára àwọn tí ojú wọn ti là sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pàápàá. Wọn a kọ ọ́ sí agbanisíṣẹ́ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, GMT, nígbà tó jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ní lọ́kàn. GMT ni aago Grínwíìṣì, kì í ṣe tiwa. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe òótọ́ yóò pè wọ́n ní aago márùn-ún wa.

Tiwa dúró, tiwọn ń rìn

Aago Nàìjíríà kì í yí padà láàárín ọdún. Tiwọn ń yí. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2007, ní kí wọ́n sún aago síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta, kí wọ́n sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Aago méjì òru ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 8, oṣù kẹta, àti ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ló bọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é o. Ibi tó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ Àrìsónà kò bá wọn sún aago rárá.

Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé San Fransísíkò máa ń fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn Nàìjíríà fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ nínú ọdún, kó tó wá di wákàtí mẹ́sàn-án nígbà òtútù wọn. Niúyọ́ọ̀kì ń ti márùn-ún bọ́ sí mẹ́fà. Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀ bá wa dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tó bá di ìgbà òtútù, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn. Ọjọ́ tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń yí aago kò sì bá ti Amẹ́ríkà mu, nítorí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta àti ti oṣù kẹwàá ni wọ́n ń lò.

Ìdí nìyí tí kò fi dára kí èèyàn há iye wákàtí sórí. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Amẹ́ríkà nípasẹ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé ní Hiúsítọ̀nù, a sì ti gbọ́ lẹ́nu wọn pé wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi wà lẹ́yìn. Òótọ́ ni, fún Hiúsítọ̀nù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò kan San Fransísíkò, kò sì kan Hiúsítọ̀nù fúnra rẹ̀ nínú oṣù kejìlá. Bí owó dọ́là ni ọ̀rọ̀ náà rí: kò sí oníṣòwò tí yóò fi iye tí wọ́n ta dọ́là lóṣù tó kọjá dá iye lé ọjà tó fẹ́ kó wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí nǹkan náà máa ṣẹlẹ̀ ló ni iye. Bákan náà, ìlú àti ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gan-an ló ń sọ iye wákàtí tó wà láàárín, kì í ṣe ọjọ́ tí ímeèlì wọlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ló ṣe ìṣirò, nígbà tí San Fransísíkò ṣì fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn. Ní òru ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, wọ́n dá aago wọn padà, ó di mẹ́sàn-án. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ fi máa dé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn.

Oṣù kẹta ló burú jù

Ẹni tó bá ṣe irú àṣìṣe yìí nínú oṣù kọkànlá, ìjókòó lásán ni ìyà rẹ̀. Yóò dé ṣáájú, yóò dúró, wọn yóò sì bá a níbẹ̀. Oṣù kẹta kì í ṣàánú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ká ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 4, oṣù kẹta, ọdún 2026, ni irú ímeèlì yẹn wọlé, tí wọ́n fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10. Lọ́jọ́ tí ìwé wọlé, wákàtí mẹ́sàn-án ló wà láàárín, èèyàn yóò sì ṣírò rẹ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sún aago síwájú lọ́jọ́ 8, ó di mẹ́jọ. Aago márùn-ún ni wọ́n ń dúró dè é. Nígbà tó bá wọlé ní mẹ́fà, wọ́n ti kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá.

Mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá irú iṣẹ́ yìí pé kí ó fi àmì sí ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta lórí kàlẹ́ńdà rẹ̀, kó sì tún gbogbo ìṣirò tó ré kọjá ọjọ́ náà ṣe. Èyí ṣe pàtàkì ju kó mọ orúkọ gbogbo agbègbè aago ayé lọ.

Lẹ́tà mẹ́ta tó ń ṣini lọ́nà

Àwọn ará etíkun ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ní orúkọ méjì fún aago wọn. PST ni ti ìgbà òtútù, PDT ni ti ìgbà tí wọ́n bá ti sún un síwájú. PT tí agbanisíṣẹ́ Àbẹ̀kẹ́ kọ dára ju méjèèjì lọ, nítorí ohun tó túmọ̀ sí ni aago èyíkéyìí tí agbègbè náà bá ń lò lọ́jọ́ yẹn.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àìmọye èèyàn ní Amẹ́ríkà ń kọ PST láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá, tẹ́ẹ̀rùn-tòtútù. Bí ìwé bá dé nínú oṣù keje pé aago mẹ́wàá àárọ̀ PST, ẹni tó bá tẹ̀ lé lẹ́tà náà gẹ́lẹ́ yóò ṣírò rẹ̀ sí aago méje alẹ́ ní Nàìjíríà. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́ ni aago ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ìyẹn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa. Ẹni tó mọ ìṣirò jù ló sábà máa ń kó sínú páńpẹ́ yìí, torí òun ló mọ ohun tí S yẹn ń sọ.

Kò sí ọgbọ́n méjì sí i ju kí èèyàn bèèrè lọ, kó sì fi orúkọ ìlú bèèrè: ṣé aago mẹ́wàá àárọ̀ ní San Fransísíkò lọ́jọ́ náà ni? Kò sí ẹni tí yóò fi ojú òmùgọ̀ wo onítọ̀hún. Àwọn lẹ́tà mìíràn tilẹ̀ wà tí ìtumọ̀ wọn ju ẹyọ kan lọ. IST lè jẹ́ aago Íńdíà, ó lè jẹ́ ti Áyálándì, ó sì lè jẹ́ ti Ísírẹ́lì.

Ohun tí fóònù àti kọ̀ǹpútà mọ̀

Aago ìlú òkèèrè tí à ń fi sí ojú fóònù dára fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti jí. Kò dára fún ìpinnu ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ohun tó wà lójú aago nísinsìnyí nìkan ló ń fi hàn. Òun ló ṣi Àbẹ̀kẹ́ lọ́nà.

Kàlẹ́ńdà ni kó lò. Kó ṣí Google Calendar, kó dá ìpàdé kan sílẹ̀ fún ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, kó yan agbègbè aago San Fransísíkò fún un, kó kọ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí i. Bó bá ti fi pamọ́, kàlẹ́ńdà náà yóò gbé e sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Nàìjíríà, torí ó mọ ọjọ́ tí Amẹ́ríkà máa yí aago. Kó má bẹ̀rù bí kò bá rí San Francisco nínú àwọn orúkọ tí wọ́n tò síbẹ̀. Los Angeles ló dúró fún gbogbo etíkun náà, bí Lagos ṣe dúró fún Ìbàdàn, Kánò àti Ẹnúgù.

Ìwé ìpè tí agbanisíṣẹ́ fi ránṣẹ́ láti inú kàlẹ́ńdà tirẹ̀ ṣeé fọkàn tán ju ọ̀rọ̀ tó kọ sínú ímeèlì lọ, ìdí rẹ̀ sì hàn bí èèyàn bá tú inú rẹ̀ wò. Fáìlì kékeré kan ló máa ń bá a wá, tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ics. Nínú rẹ̀, ìlà kan máa ń wà báyìí:

```
DTSTART;TZID=America/Los_Angeles:20261105T090000
```

Ọdún, oṣù àti ọjọ́ ló ṣáájú, T wá pín wọn níyà pẹ̀lú aago, orúkọ agbègbè sì wà níbẹ̀ gedegbe. Kò sí iye wákàtí kankan tí ẹnikẹ́ni há sórí. Kàlẹ́ńdà Àbẹ̀kẹ́ yóò ka ìlú àti ọjọ́, yóò sì fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò.

Àmọ́ ìṣirò náà kò lè dára ju ibi tí ẹ̀rọ Àbẹ̀kẹ́ gbà pé òun wà lọ. Níbí ni laptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ti máa ń dá ọgbọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó kó o wá tà ní Kọ̀ǹpútà Fíléèjì n'Ikẹjà lè ṣì wà lórí aago Lọ́ńdọ̀nù. Bí èèyàn bá rà á nínú oṣù keje, kò ní mọ̀, nítorí Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó dọ́gba nígbà náà. Aago igun ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ yóò bá ti ọwọ́ mu, gbogbo nǹkan yóò rí bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, ẹ̀rọ náà yóò fi wákàtí kan rẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wá fọwọ́ sún aago síwájú láìyí agbègbè padà, ojú aago nìkan ló tún ṣe. Gbogbo ìpàdé inú kàlẹ́ńdà yóò ṣì máa tẹ̀ lé Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ̀rọ bá ń lo Windows, inú ètò aago ni kí a lọ, ohun tó sì yẹ kó wà níbẹ̀ ni `(UTC+01:00) West Central Africa`.

Ohun kan náà ló kan ojú ewé tí agbanisíṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ kí èèyàn fúnra rẹ̀ mú àkókò tó wù ú, bíi Calendly. Ó ń wo ẹ̀rọ ẹni láti mọ agbègbè aago, ó sì ń kọ orúkọ agbègbè náà sójú ewé. Kí a kà á kí a tó tẹ aago kankan.

Àkókò wo ló yẹ kí a fún wọn?

Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dé ọ̀sán gangan ní San Fransísíkò, aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn, márùn-ún sí mẹ́jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ẹni ti lè to nǹkan. Ohun tó bá ti di ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn ń wọ òru lọ́dọ̀ wa. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ wọn nínú oṣù kọkànlá, aago méjì òru Ọjọ́bọ̀ mọ́júmọ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni kàlẹ́ńdà tirẹ̀ yóò kọ, kó má baà máa retí rẹ̀ ní òru kejì.

Bí wọ́n bá bi Àbẹ̀kẹ́ pé ìgbà wo ló rọrùn, kó má dáhùn pé ìgbàkígbà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti fi ìṣirò lé ẹni tí kò mọ àdúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì lè fún un ní aago kan òru. Kó mú àkókò méjì tàbí mẹ́ta tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sábà máa ń dára ní àdúgbò rẹ̀, tí kò bọ́ sí àkókò ìrun mọ̀ríbù tàbí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì tó bá kàn án, kó wá kọ aago ìlú méjèèjì, ti agbanisíṣẹ́ ló máa ṣíwájú. Fún Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìlà kan báyìí ti tó:

```
Thu 5 Nov 2026, 9:00 AM San Francisco = 6:00 PM Lagos
```

Kíkọ ìlú méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ju ìwà ọmọlúàbí lásán lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣi ìṣirò, ẹni kejì yóò rí i, nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ aago tirẹ̀. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá ti kọ 5:00 PM Lagos, kàlẹ́ńdà agbanisíṣẹ́ lè fi hàn pé ohun méjèèjì kò bára mu, ọ̀rọ̀ náà yóò sì tán lórí ímeèlì kan.

Bí ìwé méjì bá ta ko ara wọn

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ímeèlì sọ aago kan, ìwé ìpè orí kàlẹ́ńdà sọ òmíràn. Ìwé ìpè ló ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, torí òun ni ọ̀gá tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ń wò lójú kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ó lè má tilẹ̀ rí ímeèlì náà rí. Síbẹ̀, kí Àbẹ̀kẹ́ má dá a pinnu. Kó kọ ìwé kúkúrú, kó sọ ohun tó rí nínú ìkíní àti ìkejì, kó bèèrè èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Kó sì tètè kọ ọ́, nítorí ìwé tó bá kọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ wa, àárín òru ni yóò bá wọn. Kò sí ẹni tí yóò kà á kí ìrọ̀lẹ́ wa tó lé.

Bó bá wá di ọjọ́ náà, tó wọlé tí kò bá ẹnikẹ́ni, kó má pa ojú ewé náà dé. Kó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó fi ímeèlì ránṣẹ́ pé òun ti wà níbẹ̀, kó sì kọ aago ìlú méjèèjì sínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló tètè dé, wọn yóò sọ fún un. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mú ọjọ́ mìíràn, kó ní kí wọ́n sún ìwé ìpè ti tẹ́lẹ̀ sí ọjọ́ tuntun dípò kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Bí méjèèjì bá wà lórí kàlẹ́ńdà pọ̀, ọ̀gá lè tẹ̀ lé ti àtijọ́ kí Àbẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé ti tuntun.